Ibi tí iṣẹ́ ìdì oúnjẹ lè gbà bàjẹ́, àti bí a ṣe ń fún un ní máàkì

(Ọ̀rọ̀ ohùn alẹ́ Ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò tó láti gbọ́ ọ. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.)

Ohùn kìíní

Ádímínì yín ni.

Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí àwọn tó ń di oúnjẹ sínú ọ̀rá nínú wa ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Wọ́n ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá tó fẹ́ rajà lọ́wọ́ wọn ń sọ pé kí wọ́n mú ìwé kan wá, ìwé tó máa fi hàn pé wọ́n ti jókòó ro gbogbo ibi tí iṣẹ́ wọn lè gbà bàjẹ́. Ìwé yẹn ni àwọn olóyìnbó ń pè ní Ẹ́fù-Ẹ́mù-Íì-Éè. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta nípa àléébù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti orí 1 dé 10, kí ẹ sì fi máàkì yẹn mọ ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ náwó sí.

Iṣẹ́ ogun ló ti wá. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìlànà ní ọdún 1949. Àwọn tó ń ṣe ohun tó ń fò lójú òfurufú gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn tó ń ṣe mọ́tò náà gbà á, kó tó di pé ó wọ ilé iṣẹ́ oúnjẹ. Ìdí tí gbogbo wọn fi gbà á ni pé ó ń jẹ́ kéèyàn rí wàhálà nígbà tó ṣì wà nínú ilé, kó tó di pé oníbàárà ló máa rí i.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ṣàlàyé o. Àlàájà kan wà nínú wa níbí ní Kánò. Ó ti fún mi láyè láti lo iṣẹ́ tirẹ̀ bí àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀pà yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, nínú ọ̀rá ìwọ̀n gíráàmù 200. Ó tún ń di pínọ́ọ̀tì bọ́gà, ìyẹn ẹ̀pà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò kí wọ́n tó dín in, ó sì ń di ṣínṣín-ín. Èèyàn mẹ́fà ló ń bá a ṣiṣẹ́. Nígbà kan, ogójì páálí ẹ̀pà padà wá bá a láti Ìbàdàn. Ẹ̀pà náà ti rọ̀, ó sì ti ń rùn bí òróró tó ti pẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tó wà lára ọ̀rá kò tíì pé rárá. Owó ọkọ̀ lọ, owó ọkọ̀ bọ̀, owó ọjà sì wọlẹ̀. Ohun tó mú kí wọ́n jókòó ṣe àyẹ̀wò yìí nìyẹn.

Ohùn kejì

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ fa ààlà. Ibo ni àyẹ̀wò yìí ti bẹ̀rẹ̀, ibo ló parí sí? Àlàájà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbà pé ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀pà bá ti tutù tán, ó sì parí nígbà tí páálí bá ti di. Ìdì nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ààlà? Nítorí ẹ̀pà tó ti bu láti inú àpò tí a rà á. Ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ lè ní májèlé nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní afilatókíìsì. Yíyan kì í pa májèlé yẹn tán, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohunkóhun tí ẹ lè ṣe nídìí ìdì láti mú un kúrò. Ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló yẹ kó ní, ìyẹn ìwé fún ríra ẹ̀pà àti ṣíṣà á. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú ìwé kan, ẹ ò ní parí, ọ̀rọ̀ á sì dàrú.

Lẹ́yìn ààlà, ẹ pín iṣẹ́ sí ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀. Tiwọn jẹ́ márùn-ún: wọ́n á wọn ẹ̀pà lórí sìkéèlì, wọ́n á fi àrọ dà á sínú ọ̀rá, wọ́n á fi máṣíìnì lẹ ẹnu ọ̀rá, wọ́n á tẹ ọjọ́ sí i lára, wọ́n á kó o sínú páálí.

Nídìí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nǹkan mẹ́ta lẹ máa kọ. Àkọ́kọ́, kí ló lè bàjẹ́ níbí? Èkejì, tó bá bàjẹ́, kí ló máa ṣe fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́? Ẹ̀kẹta, kí ló ń fà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe máa rí. «Ẹnu ọ̀rá kò lẹ̀ dáadáa», ohun tó bàjẹ́ nìyẹn. «Afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin wọlé, ẹ̀pà rọ̀, ó ń rùn», ohun tó máa ṣe nìyẹn. «Eruku ẹ̀pà wà lójú ibi tí a fẹ́ lẹ̀», ohun tó fà á nìyẹn.

Ohun tó ń fà á ló ṣe pàtàkì jù, torí àléébù kan lè ní orísun méjì tàbí mẹ́ta, oògùn wọn kò sì dọ́gba. Fún ẹnu ọ̀rá tí kò lẹ̀, wọ́n rí méjì. Ọ̀kan ni eruku ẹ̀pà, iyọ̀ àti òróró tó máa ń kù sí ẹnu ọ̀rá nígbà tí wọ́n bá ń da ẹ̀pà. Èkejì ni ìgbóná máṣíìnì tó máa ń lọ sílẹ̀ nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná lọ, tí wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún méjèèjì nínú ìwé.

Ohùn kẹta

Ó ti kan máàkì báyìí. Mẹ́ta ni wọ́n, mo sì ti fún wọn ní orúkọ Yorùbá kí wọ́n má baà dà yín lójú rú.

Àkọ́kọ́ ni Ìpalára. Tí èyí bá dé ọwọ́ oníbàárà, báwo ló ṣe máa burú tó? 1 ni pé kò tiẹ̀ ní mọ̀. 4 ni pé inú rẹ̀ ò ní dùn. 7 ni pé oúnjẹ náà kò ṣeé jẹ, ó máa dá a padà. 9 àti 10 ni pé ó lè ṣe é léṣe tàbí kó pa á.

Èkejì ni Ìwáyé. Báwo ni orísun yìí ṣe ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ tó? Àlàájà àti àwọn èèyàn rẹ̀ fúnra wọn ṣe àkàbà kan: 2 ni ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, 3 ni ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, 5 ni ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, 6 ni ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, 8 ni ojoojúmọ́. Ṣọ́ọ̀bù tiyín lè ṣe àkàbà tó yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sára ògiri kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní máàkì kankan. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, 6 ti Ọjọ́ Ajé kò ní jọ 6 ti Ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹta ni Ìfarapamọ́. Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣubú, nítorí náà ẹ fetí sílẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: pẹ̀lú àyẹ̀wò tí ẹ ń ṣe lónìí, ṣé ẹ máa rí àléébù yìí kí páálí tó jáde? Máàkì rẹ̀ yí padà sí ohun tí ọkàn ń rò. Tó bá rọrùn gan-an láti rí, máàkì kékeré ni. Tí kò bá sí ọ̀nà láti rí i, 10 ni. Ẹni tó bá rò pé «àyẹ̀wò wa dáa púpọ̀, ẹ fún un ní 9» ti da ìṣirò náà rú látòkè délẹ̀. Ìdí tí mo fi pè é ní Ìfarapamọ́ nìyẹn. Bó bá ṣe fara pamọ́ tó ni máàkì ṣe máa ga tó.

Àkàbà tiwọn rèé. 2 ni pé máṣíìnì fúnra rẹ̀ máa dúró tí àléébù bá wà. 3 tàbí 4 ni pé wọ́n ń fi ohun èlò dán an wò ní àkókò tí wọ́n ti dá, wọn kì í sì jẹ́ kí ọjà jáde kí àbájáde tó dé. 7 ni pé ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó. 9 ni pé kò sẹ́ni tó ń wò ó, àfi tí orí bá bá wọn ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀. Nínú ìwé tàbí lójú kọ̀m̀pútà, bí ẹ ṣe máa rí i nìyí:

```
RPN = S × O × D
```

S ni Ìpalára, O ni Ìwáyé, D ni Ìfarapamọ́. RPN ni àpapọ̀, èyí tí èmi ń pè ní nọ́ńbà ewu. Èyí tó kéré jù ni 1, èyí tó ga jù ni 1000.

Ohùn kẹrin

Ẹ jẹ́ ká bá wọn jókòó síbi ìpàdé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eruku ẹ̀pà tó ń wọ ẹnu ọ̀rá.

Ìpalára, gbogbo wọn gbà pé 7 ni. Ẹ̀pà náà kò ṣeé jẹ, ogójì páálí sì ti jẹ́rìí sí i. Nígbà tó kan Ìwáyé, Àlàájà ní kí wọ́n kọ 2, torí kò rí i rí fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ń lo máṣíìnì, ọmọ Háúsá ni, ló gbẹ́nu sókè tó ní, «Àlàájà, ẹ má bínú o. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò kì í tún ẹnu ọ̀rá lẹ̀. Tí ẹ̀pà bá ti kù sílẹ̀ nínú agbada, eruku rẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù.» Bí 2 ṣe di 6 nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ yín lára. Ọ̀gá kì í dá máàkì yìí fún. Ẹni tó ń da ẹ̀pà, ẹni tó ń lo máṣíìnì, ẹni tó ń di páálí, ẹni tó ń gba ìpè àwọn oníbàárà, gbogbo wọn ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù pé wọ́n máa gé owó wọn. Tí ọmọ yẹn bá ti dákẹ́, 2 ni ì bá wà nínú ìwé, ìwé náà ì bá sì máa purọ́ fún wọn.

Ìfarapamọ́ ńkọ́? Ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó. Bẹ́ẹ̀, ihò tí eruku ń dá sílẹ̀ lè tín-ín-rín bí irun. 7 ni wọ́n fún un. Ó di 7 × 6 × 7, ìyẹn 294.

Orísun kejì, ìgbóná tó lọ sílẹ̀ nítorí iná. Ìpalára ṣì jẹ́ 7, torí ohun kan náà ló ń bá ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ìwáyé jẹ́ 5. Iná ń lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ o, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà tó bá lọ ni ìgbóná máa ń bọ́ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìfarapamọ́ jẹ́ 7. Ó di 245.

Àwọn yòókù, mi ò ní fà wọ́n gùn. Ọjọ́ tí kò tọ̀nà lára ọ̀rá: 6 × 3 × 4, ó jẹ́ 72. Ègé abẹ tó ṣẹ́ sínú ẹ̀pà, torí abẹ onírin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kán sí wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń ṣí ìdì ọ̀rá tuntun: Ìpalára 9, Ìwáyé 2, Ìfarapamọ́ 9, ó jẹ́ 162. Ìwọ̀n tí kò pé, torí sìkéèlì ń yí: 4 × 6 × 5, ó jẹ́ 120. Ní ti pínọ́ọ̀tì bọ́gà tó wọ inú ọ̀rá ṣínṣín-ín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni: 10 × 2 × 6, òun náà jẹ́ 120.

Ohùn karùn-ún

Ẹ dúró níbi 120 méjì yẹn.

Ìwọ̀n tí kò pé jẹ́ 120. Pínọ́ọ̀tì bọ́gà nínú ọ̀rá ṣínṣín-ín jẹ́ 120. Tí ẹ bá ń wo nọ́ńbà nìkan, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣé òótọ́ ni? Ìwọ̀n tí kò pé, oníbàárà á ṣépè, òfin sì lè mú wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa kú. Èkejì ńkọ́? Àwọn kan wà tí ara wọn kò gba ẹ̀pà rárá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ka ara ọ̀rá, kò rí ẹ̀pà níbẹ̀, ó fún ọmọ rẹ̀ jẹ. Ọ̀fun ọmọ lè wú pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí mímí sì dáwọ́ dúró. Bí ṣínṣín-ín roboto àti pínọ́ọ̀tì bọ́gà sì ṣe jọra yẹn, ojú lè fò ó.

Ibi tí ìsọdipúpọ̀ ti ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Máàkì kékeré níbì kan lè bo máàkì ńlá níbòmíràn mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò rí i bẹ́ẹ̀ náà. Nínú ìwé ìlànà tí àwọn ti Amẹ́ríkà àti ti Jámánì jọ gbé jáde ní ọdún 2019, wọ́n pa ìsọdipúpọ̀ tì, wọ́n fi tábìlì kan rọ́pò rẹ̀ tó ń kọ́kọ́ wo Ìpalára, kó tó wo Ìwáyé, kó tó wá wo Ìfarapamọ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ oúnjẹ ṣì ń lo nọ́ńbà ewu, kò sì burú, tí ẹ bá ti fi òfin kan tì í lẹ́yìn.

Òfin tí Àlàájà kọ sókè ìwé rẹ̀ rèé: ìlà èyíkéyìí tí Ìpalára rẹ̀ bá jẹ́ 9 tàbí 10, a máa ṣe nǹkan sí i ná, ohun yòówù kí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà la máa wá tẹ̀ lé nọ́ńbà láti òkè wá sísàlẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rá tó pààrọ̀ ara àti ègé abẹ ló kọ́kọ́ gba àkókò wọn, kì í ṣe 294.

Fún abẹ, kò ná wọn ní ohun púpọ̀. Wọ́n kó gbogbo abẹ tó ń kán jáde, wọ́n ra sísọ́ọ̀sì méjì tó nípọn, wọ́n so ó mọ́ tábìlì, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bóyá ó pé, tí ẹnu rẹ̀ kò sì ṣẹ́. Tí nǹkan bá dín lára rẹ̀, páálí ọjọ́ yẹn kò ní jáde. Ìwáyé di 1, Ìfarapamọ́ di 5, àpapọ̀ di 45. Ẹnì kan ní kí wọ́n ra irin òòfà. Òòfà dáa fún irin lásán, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irin tí kì í dípẹtà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe asẹ́ àti ìkòkò, òòfà kì í fà á dáadáa. Tí okùn asẹ́ bá já sínú ẹ̀pà, òòfà lè ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Fún ọ̀rá tó pààrọ̀, ọjà kan péré ni wọ́n ń dì lójúmọ́ báyìí, ọ̀rá ọjà yẹn nìkan ló sì ń wà lórí tábìlì. Wọ́n ń ka ọ̀rá tí wọ́n gbé jáde láàárọ̀, wọ́n sì ń ka èyí tó kù nírọ̀lẹ́. Tí 500 bá jáde, tí 20 kù, tí mẹ́wàá bàjẹ́, páálí gbọ́dọ̀ ní 470. Tí kò bá bára mu, wọ́n á tú u wò. Ìwáyé di 1, Ìfarapamọ́ di 4, àpapọ̀ di 40.

Ẹ kíyè sí i pé Ìpalára kò kúrò ní 9 àti 10 tó wà. Àyẹ̀wò kì í dín ìpalára kù. Ègé abẹ tó bá wọ ẹnu ọmọdé máa gé e lọ́jọ́kọ́jọ́, ì báà jẹ́ pé ìgbà ọgọ́rùn-ún lẹ yẹ ẹ̀ wò. Àfi tí ẹ bá yí ohun tí ẹ ń ṣe gan-an padà ni Ìpalára tó lè yí. Ẹni tó bá mú ìwé wá tí Ìpalára ti sọ̀ kalẹ̀ láti 9 sí 4 nítorí pé ó gba ẹni tuntun tó ń wo ọjà, ẹ dá ìwé náà padà fún un.

Ohùn kẹfà

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ẹnu ọ̀rá, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó dùn jù wà.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò nìyí, ẹ̀yin náà lè ṣe é lálẹ́ òní. Ẹ mú ọ̀rá tí ẹ ti lẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú báàfù omi kó rì tán, kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹnu rẹ̀ bá ní ihò, ẹ máa rí ìfófòó kéékèèké tó ń tò jáde ní ojú kan. Ẹ nu un gbẹ, kí ẹ fi báírò yí ibẹ̀ po. Tí ibi tó ń jò bá ní eruku tàbí ègé èèpo lábẹ́ rẹ̀, orísun àkọ́kọ́ ni. Tí ojú ẹnu ọ̀rá náà bá mọ́ ṣùgbọ́n tó ń ṣí gbooro bí ẹ bá fà á, ìgbóná kò tó, tàbí bẹ́líìtì ń sáré jù.

Wọ́n pinnu pé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á mú ọ̀rá mẹ́ta, wọ́n á tẹ̀ wọ́n bọ omi. Páálí tí wọ́n dì láti ìgbà àyẹ̀wò tó kọjá kò ní kúrò nílẹ̀ títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi yege. Àlàájà wá ní, ó dáa, Ìfarapamọ́ orísun méjèèjì ti di 3 nìyẹn.

Rárá o. Ẹ bá mi rò ó. Tí ìgbóná bá lọ sílẹ̀, gbogbo ọ̀rá tó bá tẹ̀ lé e ló máa bàjẹ́, ní títẹ̀léra, títí ẹnì kan fi máa tún máṣíìnì ṣe. Mẹ́ta tí ẹ bá mú nínú wọn, ó ṣeé ṣe gan-an kí ẹ bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n eruku kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ba ọ̀rá kan jẹ́, ogójì tó tẹ̀ lé e á dáa, á tún ba òmíràn jẹ́. Mẹ́ta tí ẹ mú lè mọ́ tónítóní, kí àléébù sì wà nínú páálí. Àyẹ̀wò kan náà ni, ó lágbára fún orísun kan, ó rọ̀ fún èkejì. Ìdí tí wọn kò fi gbọ́dọ̀ wà ní ìlà kan náà nìyẹn.

Fún ìgbóná, Ìfarapamọ́ di 3. Ìwáyé ṣì wà ní 5, torí kò sẹ́ni tó lè bá Nẹ́pà jà. 7 × 5 × 3 jẹ́ 105, láti 245. Wọ́n tún fi kún un pé ìgbàkígbà tí iná bá lọ tó bá dé, wọ́n á dúró kí máṣíìnì gbóná dé ojú àmì tí wọ́n fi báírò fà sí i, wọ́n á sì tẹ ọ̀rá mẹ́ta bọ omi kí wọ́n tó tẹ̀síwájú.

Fún eruku, Ìfarapamọ́ kò kúrò ju láti 7 sí 6 lọ. Nítorí náà, orísun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní láti pa. Àrọ tí wọ́n ń lò kúrú, ẹnu rẹ̀ ń parí sí ojú ibi tí wọ́n máa lẹ̀ gan-an. Wọ́n ní kí oníṣẹ́ irin ṣe àrọ tí ẹnu rẹ̀ gùn, tó ń wọ inú ọ̀rá kọjá ojú ibi ìlẹ̀ kí ẹ̀pà tó jáde. Wọ́n tún ń fi asẹ́ sẹ eruku kúrò kí wọ́n tó wọn ẹ̀pà, wọn kò sì da ìdí agbada sínú ọ̀rá mọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ yẹn tún ẹnu ọ̀rá lẹ̀ nítorí eruku. Wọ́n kọ 3, wọn ò kọ 2, torí oṣù mẹ́ta kò tíì pé ọdún. 7 × 3 × 6 jẹ́ 126, láti 294.

Ẹ rí i pé wọn kò kọ 3 lọ́jọ́ tí wọ́n ra àrọ. Ìgbà tí àkọsílẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tó kọ ọ́. Ohun tí ẹ bá ṣèlérí láti ṣe kò tíì ní máàkì.

Ohùn keje, èyí tó kẹ́yìn

Ohun kan kù tí ìwé yìí kò lè ṣe. Kò lè fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí kọ sí i ní nọ́ńbà.

Nígbà tí wọ́n tún jókòó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta yẹn, ìyá tó ń gbálẹ̀, tí kò sí níbi ìpàdé àkọ́kọ́, ló béèrè pé, «Àrọ tí ẹ fi ń da ẹ̀pà, ṣé òun kọ́ lẹ fi ń da ṣínṣín-ín lọ́jọ́ kejì?» Ilé dákẹ́. Òun ni. Wọ́n máa ń gbọ̀n ọ́n nù lásán, wọn kì í fọ̀ ọ́. Kíka ọ̀rá kò lè mú ìyẹn, torí kì í ṣe ọ̀rá ló pààrọ̀, eruku ẹ̀pà ló ń tẹ̀ lé àrọ wọ inú ṣínṣín-ín, ojú kò sì lè rí i. Ìpalára 10. Ní ti Ìwáyé, ṣínṣín-ín kì í ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún, tí àwọn ayẹyẹ bá dé, wọ́n kọ 3. Ìfarapamọ́ 9. Ó di 270. Ohun tí kò sí nínú ìwé tẹ́lẹ̀ rárá wá fẹ́rẹ̀ẹ́ ju gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ lọ.

Wọ́n ra àrọ mìíràn fún ṣínṣín-ín, aláwọ̀ búlúù, wọ́n sì fún un ní tábìlì tirẹ̀ nínú yàrá kejì. Wọ́n tún ní kí atẹ̀wé kọ ọ́ sára ọ̀rá ṣínṣín-ín pé ilé tí wọ́n ti ń di ẹ̀pà ni wọ́n ti dì í. Kíkọ yẹn kò pa ewu náà, ó kàn ń fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà láyè láti gbé e sílẹ̀ ni.

Nítorí náà, ìwé yìí kì í parí. Ẹ tún un ṣí nígbà tí ẹ bá ra máṣíìnì tuntun, tí ẹ bá yí irú ọ̀rá padà, tí ẹ bá fi ọjà tuntun kún un, tàbí tí oníbàárà bá dá ọjà padà. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe àtúnṣe kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó máa parí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogún ìlà. Ẹ mú ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tí oníbàárà ti fi ṣẹ̀jọ́ rí, kí ẹ fa ìlà mẹ́ta nídìí rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí, ká jọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Màá kọ́kọ́ wo Ìfarapamọ́ yín, bóyá ẹ kọ ọ́ sódì.

Ó dàárọ̀ o. Ọjà á tà.